Ìlà Mẹ́tàdínlógójì Tí Kò Dáhùn

Ọjọ́ Ajé ni ìyá tó ń ta èlùbọ́ yẹn wọ ọ́fíìsì wa. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, kò dá mi lóhùn. Ó fa ìwé owó rẹ̀ yọ lábẹ́ ìgbànú, ó là á síwájú mi, ó ní kí n kà á sókè kí gbogbo ilé gbọ́. Mo kà á. Ọdún 14 ló ti ń dá owó sínú ẹgbẹ́, kò sì sí oṣù kan tó pa jẹ.

"Ṣé ó pé?"

"Ó pé, mà."

"Kí ló wá dé tí ẹ ṣe ìpàdé ọdún ní Sátidé tí ẹ ò fi ìwé pè mí? Àbí ẹ ti sin mí ni, tí n kò gbọ́?"

Èmi ni mo tẹ ìwé ìpè náà. Oṣù kẹrin mi rèé nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn, níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ dátábéèsì. Àwọn oníṣòwò ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà, ẹ̀ka rẹ̀ sì wà ní àwọn ọjà ìlú: Bódìjà, Dùgbẹ̀, Gbági, Ọjà Ọba. Kò tí ì pẹ́ tí wọ́n kó orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ láti inú ìwé ńlá sínú kọ̀ǹpútà. PostgreSQL ni wọ́n kó o sí. Obìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ báńkì fẹ̀yìn tì ló ń bójú tó o. Ó máa ń wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Àǹtí ni gbogbo wa ń pè é, òun ló sì ń kọ́ mi níṣẹ́.

Iṣẹ́ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ gbé fún mi kò le. Bódìjà ni ìpàdé máa wáyé, wọ́n sì ti fẹnu sọ ọ́ fún àwọn ará Bódìjà nínú ìpàdé ọ̀sẹ̀ wọn. Àwọn yòókù nìkan ló nílò ìwé. Nítorí náà mo ní kí kọ̀ǹpútà kó gbogbo ẹni tí ẹ̀ka rẹ̀ kì í ṣe Bódìjà jáde fún mi:

```
SELECT nomba, oruko, foonu
FROM omo_egbe
WHERE eka <> 'Bodija';
```

Àmì `<>` yẹn ló dúró fún "kì í ṣe". Orúkọ 279 jáde. Kọ̀ǹpútà kò ké, kò fi ọ̀rọ̀ pupa kankan kìlọ̀ fún mi. Mo tẹ ìwé 279, mo kó wọn fún ọlọ́kadà tó ń bá wa jíṣẹ́, mo sì sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí Àǹtí dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mo ro ẹjọ́ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ fún un, kò tiẹ̀ wo ohun tí mo kọ. Ó jókòó, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

"Mélòó ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́?"

Mo wò ó. "412, mà."

"Mélòó ló wà ní Bódìjà?"

"96."

"Yọ ọ́."

"Ó ku 316."

"Ìwé mélòó lo tẹ̀?"

Ẹnu mi wọ́ kí n tó sọ pé 279. Ó ní kí n lọ wá àwọn 37 tó kù wá fún òun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀pà.

Mo mọ̀ pé nígbà tí wọ́n ń da ìwé ńlá kọ sínú kọ̀ǹpútà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àtijọ́ kan wà tí fọ́ọ̀mù wọn kò ní ẹ̀ka, nítorí pé nígbà tí wọ́n wọlé, ẹgbẹ́ kò tí ì ní ẹ̀ka kankan. Mo sì ti gbọ́ pé ibi tí a kò bá kọ nǹkan kan sí, `NULL` ni dátábéèsì ń fi síbẹ̀. Nọ́ọ̀lù ni à ń pè é lẹ́nu. Mo wá kọ ọ́ báyìí:

```
SELECT COUNT(*) FROM omo_egbe
WHERE eka = NULL;
```

Odo ló jáde. Mo yíjú padà, mo sì fi gbogbo ẹnu sọ pé, "Àǹtí, kò sí ẹnì kankan tí ẹ̀ka rẹ̀ ṣófo."

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi fẹ́ há a lọ́fun. Ó ní nínú gbogbo ọmọ iṣẹ́ tí òun ti kọ́, kò sí ẹni tí kò gba ojú ọ̀nà yìí kọjá, òun gan-an náà gbà á kọjá, ohun tó sì burú nínú rẹ̀ ni pé odo jẹ́ ìdáhùn tó fọkàn ẹni balẹ̀. Ẹni tó bá rí odo kò ní wá nǹkan kan mọ́.

"Ní agboolé yín," ó ní, "ẹ ò lè ṣàìní àgbàlagbà tí ẹnikẹ́ni ò kọ ọdún tí wọ́n bí i sílẹ̀."

Mo ní méjì wà, bàbá tó bí bàbá mi àti bàbá kan tó ń gbé yàrá ẹ̀bá ọ̀nà.

"Ṣé ẹgbẹ́ ni wọ́n? Ṣé ọdún kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì?"

"Ta ló mọ̀?"

"Ó yẹ kí o ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣebí òfìfo ni ọdún ti àkọ́kọ́, òfìfo náà ni ti ìkejì."

"Ìyẹn ò sọ wọ́n di ẹgbẹ́, Àǹtí."

"Ó dáa. Sọ pé rárá nígbà náà."

"Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ náà. Bóyá ọdún kan náà ni wọ́n bí wọn lóòótọ́."

"Ohun tí kọ̀ǹpútà dá ẹ lóhùn gan-an nìyẹn," ni Àǹtí wí. "O bi í pé ṣé ẹ̀ka ìyá yìí bá ohun tí a ò mọ̀ mu. Ó ní òun ò mọ̀. O tún bi í bẹ́ẹ̀ nígbà 412, ó dá ẹ lóhùn bẹ́ẹ̀ nígbà 412."

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là sí ohun tí n kò rí kà nínú ìwé tí mo ń lò. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ìdáhùn méjì péré ni ìfiwéra lè mú wá: òótọ́ tàbí irọ́. Nínú SQL, mẹ́ta ni. Òótọ́ wà, irọ́ wà, àìmọ̀ sì wà. Nọ́ọ̀lù kì í ṣe odo, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí kò ní lẹ́tà. Àmì ni pé a kò mọ ohun tó wà níbẹ̀, tàbí pé kò tilẹ̀ sí ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ohunkóhun tí o bá fi wé e, ì báà jẹ́ pẹ̀lú `=`, pẹ̀lú `<>`, pẹ̀lú `<`, àìmọ̀ ni yóò bí. Kódà tí o bá fi `NOT` sí iwájú àìmọ̀, àìmọ̀ náà ló máa dà, nítorí pé ohun tí a kò mọ̀, a kò lè mọ òdì rẹ̀.

Ibi tí ewu rẹ̀ wà ni `WHERE`. Àǹtí fi í wé ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà níbi ìnáwó. Ẹ ní kó jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe ará Bódìjà wọlé. Ó bi ẹni àkọ́kọ́, ó ní ará Dùgbẹ̀ lòun, wọlé. Ó bi ẹnì kejì, ó ní ará Bódìjà ni òun, padà. Ó bi ìyá ẹlẹ́lùbọ́, ìyá ní òun ò mọ ẹ̀ka tí wọ́n kọ òun sí. Ẹni tó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni nìkan ni aṣọ́nà máa gbà wọlé, nítorí náà ó dá ìyá padà pẹ̀lú ará Bódìjà. Kò sì ní wá sọ fún ẹ pé òun dá ẹnì kan padà tí kò mọ̀. Lójú rẹ̀, òfin ló tẹ̀ lé.

Láti wá àwọn wọ̀nyí, kì í ṣe ìfiwéra ni a ń lò. Ìbéèrè mìíràn wà fún un tó ń wo ipò ibẹ̀ fúnra rẹ̀, bóyá ó ṣófo tàbí kò ṣófo, òótọ́ tàbí irọ́ nìkan sì ni ìyẹn ń mú wá:

```
SELECT COUNT(*) FROM omo_egbe
WHERE eka IS NULL;
```

37. Nígbà tí mo kó orúkọ wọn jáde, ti ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ló ṣìkẹta níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti jẹ́ aláìgbàgbọ́ báyìí. Mo kó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ jáde, mo sì fi ìka ka àwọn tí àyè ẹ̀ka wọn ṣófo lójú kọ̀ǹpútà. 41 ni mo kà. Mo tún un kà, 41 náà ni. Àwọn mẹ́rin wo nìyí? Èyí tó tún dà mí lọ́kàn rú ni pé ọ̀kan nínú wọn wà níbi ìpàdé lọ́jọ́ Sátidé, ó mú ìwé ìpè rẹ̀ lọ́wọ́. Báwo ni ẹni tí kò ní ẹ̀ka ṣe rí ìwé gbà, tí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kò rí?

Àǹtí ní kí n tẹ èyí kí n tó tún wò ó:

```
\pset null '(nolu)'
```

Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ tí mo sì tún kó gbogbo wọn jáde, ojú kọ̀ǹpútà yí padà. Àyè 37 wá ń fi `(nolu)` hàn, mẹ́rin yòókù sì ṣófo gbáú bí wọ́n ṣe wà. Ẹni tó tẹ orúkọ àwọn mẹ́rin yẹn wọlé ti fi ọ̀rọ̀ òfìfo sí àyè ẹ̀ka, ìyẹn `''`, àmì ìfayọ̀ méjì tí kò sí lẹ́tà láàrin wọn. Lójú PostgreSQL, ọ̀rọ̀ ni ìyẹn, ọ̀rọ̀ tí ó kúrú dé òpin. Ó sì dájú pé ọ̀rọ̀ òfìfo kì í ṣe "Bodija", nítorí náà aṣọ́nà gbà wọ́n wọlé. Ojú ẹni kò lè ya nọ́ọ̀lù àti ọ̀rọ̀ òfìfo sọ́tọ̀ tí a kò bá sọ fún `psql` pé kó fi àmì sí i, bí a ṣe rí i yìí. Kò sì rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo: lọ́dọ̀ Oracle, ọ̀rọ̀ òfìfo àti nọ́ọ̀lù, nǹkan kan náà ni wọ́n, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ì bá sì ti nù pẹ̀lú àwọn yòókù. Láti ọjọ́ náà, n kì í jókòó sídìí iṣẹ́ láìkọ́kọ́ tẹ `\pset` yẹn.

Mo bi Àǹtí pé ta ló fi irú nǹkan báyìí sínú iṣẹ́. Ó ní Edgar Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ IBM ní Kalifọ́níà, ló gbé ètò àtẹ yìí kalẹ̀ ní ọdún 1970. Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kan náà, sì ṣe èdè tó di SQL ní 1974. Codd gbà pé ayé kún fún ohun tí a kò mọ̀, pé ó sàn kí dátábéèsì jẹ́wọ́ rẹ̀ ju kó máa fi odo tàbí 9999 díbọ́n, ìdí sì nìyẹn tí ó fi kọ̀wé lé ìdáhùn mẹ́ta lórí. Chris Date, tó jẹ́ alábàáṣiṣẹ́ Codd fún ìgbà pípẹ́, kò gbà á. Títí di òní ló ń sọ pé nọ́ọ̀lù kò yẹ kó wà nínú àtẹ rárá. Èmi fúnra mi wà lẹ́yìn Codd nínú ọ̀rọ̀ jíjẹ́wọ́ àìmọ̀. Ohun tí n kò lè dárí jì ni pé èdè náà kò dúró lójú kan. `NULL` kò bá `NULL` dọ́gba nínú `WHERE`, ṣùgbọ́n tí o bá lo `GROUP BY`, gbogbo nọ́ọ̀lù ló máa kóra jọ sí agbo kan bí ọmọ ìyá. `WHERE` ń lé ẹni tí kò mọ̀ padà, ṣùgbọ́n `CHECK`, aṣọ́nà tó ń yẹ dátà wò kó tó wọlé, ẹni tó bá pa irọ́ nìkan ló ń lé. Bí òfin bá ní owó gbọ́dọ̀ ju odo lọ, `CHECK (iye > 0)`, nọ́ọ̀lù á rìn wọlé láì sẹ́ni tó mú un.

Lẹ́yìn náà ni Àǹtí kọ́ mi ní ohun tó pe orúkọ rẹ̀ ní pínpín sí mẹ́ta. Kí o tó gbàgbọ́ nínú ìbéèrè kan tó ní ìfiwéra, ka iye ìlà tó jẹ́ òótọ́, iye tó jẹ́ irọ́, àti iye tí a kò mọ̀:

```
SELECT
  COUNT(*) FILTER (WHERE eka <> 'Bodija')       AS ooto,
  COUNT(*) FILTER (WHERE NOT (eka <> 'Bodija')) AS iro,
  COUNT(*) FILTER (WHERE (eka <> 'Bodija') IS UNKNOWN) AS aimo
FROM omo_egbe;
```

279, 96, 37. Ó pé 412. Tí ìkẹta bá jẹ́ odo, ọkàn ẹ balẹ̀. Tí kò bá jẹ́ odo, ó di dandan kí o pinnu ibi tí àwọn èèyàn yẹn máa jókòó sí.

Mo ti rí ọ̀nà àbùjá ní tèmi. `eka IS DISTINCT FROM 'Bodija'` ń ṣe ìfiwéra tó ka nọ́ọ̀lù sí ohun kan lára ohun tó wà, òótọ́ tàbí irọ́ nìkan ni yóò sì mú wá. Mo fi í rọ́pò `<>`, 316 jáde, inú mi dùn. Àǹtí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé àwọn 37 kì í ṣe ará Bódìjà? Tẹ́lẹ̀ o lé gbogbo wọn, báyìí o gba gbogbo wọn. Nígbà méjèèjì, ìwọ lo dáhùn fún wọn." Ó ti fóònù síwájú mi.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi pè wọ́n. 11 nínú wọn, Bódìjà ni wọ́n ń dá owó sí. 24 wà ní ẹ̀ka mìíràn, ìyá ẹlẹ́lùbọ́ sì jẹ́ ará Gbági. Ó bú mi fún ìṣẹ́jú mélòó kan lórí fóònù kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Fóònù àwọn 2 kò lọ.

Ẹ̀kọ́ kejì kò jẹ́ kí n sinmi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, akápò fẹ́ mọ àwọn tí kò tí ì ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni rí, kí wọ́n lè pín ẹrù náà kiri. Àtẹ `awin` ni a ń kọ gbogbo owó tí èèyàn yá sí, ó sì ní òpó kan tí nọ́ńbà onídùúró máa ń wà. Mo kọ ọ́ báyìí, tọkàntọkàn:

```
SELECT oruko FROM omo_egbe
WHERE nomba NOT IN
  (SELECT oniduro FROM awin);
```

Kò sí orúkọ kan ṣoṣo tó jáde. A ní ọmọ ẹgbẹ́ 412, owó tí wọ́n yá ní gbogbo ọdún náà kò tó 150. Kò sí bí gbogbo ayé ṣe lè ti ṣe onídùúró. Mo ṣe ohun tí Àǹtí kọ́ mi, mo wá nọ́ọ̀lù nínú òpó `nomba`. Kò sí ìkankan. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé dátábéèsì ti bàjẹ́.

Ẹni tí kò mọ̀ wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe níwájú ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Inú ìwé tí aṣọ́nà mú lọ́wọ́ ló wà. Owó kékeré kì í nílò onídùúró nínú ẹgbẹ́ wa, àyè onídùúró rẹ̀ sì máa ń jẹ́ nọ́ọ̀lù. Àǹtí mú ìwé, ó sì kọ ọ̀kan sílẹ̀ fún mi. Ká ní àyè onídùúró mẹ́ta ló wà nínú `awin`: 3, 9, àti nọ́ọ̀lù. Ká wá mú ọmọ ẹgbẹ́ 7, tí kò ṣe onídùúró rí. `NOT IN` túmọ̀ sí pé 7 kì í ṣe 3, 7 kì í ṣe 9, 7 kì í sì í ṣe nọ́ọ̀lù. Àkọ́kọ́ jẹ́ òótọ́. Ìkejì jẹ́ òótọ́. Ìkẹta jẹ́ àìmọ̀. Tí a bá so òótọ́ méjì mọ́ àìmọ̀ kan, àìmọ̀ ló máa jẹ́, nítorí ibi tí a kò mọ̀ yẹn lè jẹ́ 7 gan-an. Aṣọ́nà dá 7 padà. Ọmọ ẹgbẹ́ 3 wá ńkọ́? Ó wà nínú ìwé ní tirẹ̀, irọ́ ni, ó padà. Kò sí ẹni tó lè wọlé mọ́. Nọ́ọ̀lù kan ṣoṣo nínú ìwé ti ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo èèyàn 412 náà.

Èyí tó kọ́kọ́ ṣe mí ń jí ìlà díẹ̀díẹ̀. Ó kó 37, ó fi 279 sílẹ̀, ojú kò sì fura. Èyí kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní tèmi, mo fẹ́ràn èyí tó kó gbogbo rẹ̀, torí kò sí ẹni tí kò ní rí i. Ṣùgbọ́n ó ní àrékérekè tirẹ̀: lọ́jọ́ tí o kọ ọ́, ó lè má sí nọ́ọ̀lù nínú `awin`, kí ó ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà, kí ẹnì kan wá yá ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà láìní onídùúró lọ́jọ́ kan, kí ìwé rẹ sì di òfìfo láàárọ̀ ọjọ́ kejì. `NOT EXISTS` ni a fi rọ́pò rẹ̀. Kì í béèrè pé ṣé nọ́ńbà yìí yàtọ̀ sí gbogbo ohun tó wà nínú ìwé. Ó ń béèrè pé ṣé ìlà kan wà tó bá a mu:

```
SELECT m.oruko FROM omo_egbe m
WHERE NOT EXISTS
  (SELECT 1 FROM awin a
   WHERE a.oniduro = m.nomba);
```

Ìlà tó ní nọ́ọ̀lù kò bá ẹnikẹ́ni mu, ó jókòó sí àyè ara rẹ̀, 7 sì jáde.

Ibi tí owó wà ni ó wá dé gbẹ̀yìn, ibẹ̀ ni mo sì ti rí i pé ìlà lè wà níbẹ̀ kí ohun tó wà nínú rẹ̀ nù. Akápò ń múra ìṣirò èrè. Ó ní kí a fún òun ní àpapọ̀ ìfowópamọ́ àti ìpín tí àwọn èèyàn rà nínú ẹgbẹ́. Mo kọ `SUM(ifowopamo + ipin)`. Iye tó jáde kéré sí ohun tó wà nínú ìwé akápò, ó sì kéré púpọ̀. Àǹtí ní kí n mú ìlà mẹ́ta péré, kí n fi ọwọ́ ṣe é.

```
 nomba | ifowopamo |  ipin
-------+-----------+--------
   118 |     10000 |   5000
   204 |     20000 | (nolu)
   331 |      8000 |   2000
```

118 ní 15,000. 331 ní 10,000. 204 ńkọ́? 20,000 tí a fi ohun tí a kò mọ̀ kún, àìmọ̀ ni. `SUM` kì í ka nọ́ọ̀lù, ó fò ó, ó sì fún mi ní 25,000. Ṣùgbọ́n tí mo bá ro òpó kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, `SUM(ifowopamo) + SUM(ipin)`, 38,000 àti 7,000 ni, 45,000. 20,000 náírà ìyá 204 ti bá ìpín tí kò rà lọ. Nọ́ọ̀lù tó wà ní òpó kejì ló nawọ́ gba owó tó wà ní òpó àkọ́kọ́. Àwọn tí kò ra ìpín sì pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa.

Níbí yìí, kò sí ìṣòro nínú fífi odo dí i: ẹni tí kò ra ìpín, odo ni ìpín rẹ̀, a mọ̀ bẹ́ẹ̀. `COALESCE(ipin, 0)` ló ń ṣe é, ìyẹn ni pé bí ìpín bá jẹ́ nọ́ọ̀lù, kí ó lo odo. Bí mo ṣe kọ́ ọ báyìí ni mo fẹ́ máa lò ó níbi gbogbo. Àǹtí fi owó oṣù kẹta ti ẹ̀ka Gbági dá mi dúró. Èèyàn mẹ́jọ ló wà nínú agbo kan níbẹ̀. Márùn-ún ni a ti tẹ owó wọn wọlé: 5,000, 5,000, 4,000, 10,000 àti 6,000. Àyè àwọn mẹ́ta jẹ́ nọ́ọ̀lù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 30,000. `AVG(iye)` ń fi márùn-ún pín in, ó ní ẹnì kọ̀ọ̀kan dá 6,000. Tí mo bá fi `COALESCE` sí i, mẹ́jọ ló máa fi pín in, 3,750 sì ni.

"Èwo ló tọ̀nà?" ni mo bi í.

"Ṣé àwọn mẹ́ta yẹn kò san ni, àbí akọ̀wé ẹ̀ka ò tí ì mú ìwé wọn wá?"

N kò mọ̀. Tí wọn kò bá san, 3,750 ló tọ̀nà. Tí ìwé wọn bá ṣì wà ní Gbági, 3,750 jẹ́ irọ́ tí mo fọwọ́ ara mi pa, 6,000 náà sì jẹ́ ti àwọn márùn-ún nìkan. Ìwé náà dé lọ́jọ́ Ẹtì: méjì ti san, ọ̀kan kò san. Láti ìgbà náà, n kì í kọ `AVG` láì kọ `COUNT(*)` àti `COUNT(iye)` sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́ ń ka gbogbo ìlà, ìkejì ń ka èyí tó ní owó nìkan. Bí wọ́n bá jẹ́ 8 àti 5, ẹni tó ń ka ìwé náà máa mọ̀ pé àwọn mẹ́ta ń bẹ tí kò sí nínú ìṣirò. SQL Server máa ń kìlọ̀ fún èèyàn ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ó bá fo nọ́ọ̀lù nínú irú ìṣirò yìí. PostgreSQL kò ní sọ nǹkan kan.

Ní ìparí oṣù, a fẹ́ ti ilẹ̀kùn náà pa kí nọ́ọ̀lù má lè wọ òpó ẹ̀ka mọ́. Mo ti kọ ẹ̀ka àwọn tí mo pè lórí fóònù sí àyè wọn, mo sì ti tún ti àwọn mẹ́rin tó ní ọ̀rọ̀ òfìfo ṣe. Àǹtí jẹ́ kí èmi fúnra mi tẹ àṣẹ náà:

```
ALTER TABLE omo_egbe
ALTER COLUMN eka SET NOT NULL;
```

Kọ̀ǹpútà kọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó máa la ẹnu nítorí àwọn èèyàn wọ̀nyí:

```
ERROR:  column "eka" of relation "omo_egbe" contains null values
```

Àwọn 2 tí fóònù wọn kò lọ ló kù. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ránṣẹ́ sí ọjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ẹni tó tí ì rí wọn. Owó wọn ṣì wà nínú ẹgbẹ́, òpó náà sì wà bẹ́ẹ̀ títí di òní.